Dọ́là Tó Wọlé Ni Kó San Dọ́là Tó Ń Jáde

Tó bá jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń ka èyí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, kò séwu, gbogbo ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí ló wà níbí. Ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni mo yọ kúrò.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbà kí àwọn báǹkì máa ta dọ́là ní iye tí olùrà àti olùtà bá fẹnu kò sí. Dọ́là kan tó jẹ́ bíi náírà 471 lọ́jọ́ tó ṣáájú di bíi náírà 664 kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí owó búrẹ́dì. Ohun tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lónìí ni ìdí tí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn fi gbé okòwò kan ṣubú, tí òmíràn sì dúró, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró yẹn lè máà ní àdéhùn ìdáàbòbò kankan pẹ̀lú báǹkì.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ ńlá méjì tí gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni MTN Nàìjíríà. Náírà la fi ń ra dátà lọ́wọ́ wọn, náírà la fi ń ra káàdì. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ gbèsè ní dọ́là, àwọn ẹ̀rọ wọn ń ti òkè òkun wá, wọ́n sì ń san owó àwọn òpó ńláńlá tí wọ́n háyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ IHS, èyí tí apá kan rẹ̀ ń gòkè bí dọ́là bá ṣe ń gòkè. Lọ́dún 2023, ìyípadà owó yìí nìkan gbé bíi náírà bílíọ̀nù 740 lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì parí ọdún náà pẹ̀lú àdánù bíi bílíọ̀nù 137. Ẹ rántí pé kì í ṣe pé a dẹ́kun ìpè o. Àwa oníbàárà ṣì ń rà á. Owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde ni kò sọ èdè kan náà.

Ìkejì ni Seplat, àwọn tó ń wa epo rọ̀bì. Àwọn náà jẹ gbèsè dọ́là, kódà wọ́n yá mílíọ̀nù 650 dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń ta epo rọ̀bì. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, dọ́là tí wọ́n máa fi san gbèsè ń ti ọjà tiwọn wọlé, wọn ò ní láti kó náírà jọ kí wọ́n tó rà á. Gbèsè dọ́là kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó fún ọ̀kan lọ́rùn, kò fún èkejì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà nígbà tí àwọn èèyàn bá ní gbèsè dọ́là burú fún gbogbo okòwò. Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ẹni tó jẹ ẹ́ ni pé owó wo ló ń wọlé fún un.

Ohun tó gba Seplat yẹn ni àwọn onímọ̀ ìṣúná ń pè ní nátúrà hẹ́jìn. Èmi á máa pè é ní ààbò àdánidá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí owó ilẹ̀ òkèèrè tó ń wọlé fún ẹ bá èyí tó ń jáde mu: owó ilẹ̀ kan náà, iye tó súnmọ́ra, àkókò tó súnmọ́ra. Bí dọ́là bá gòkè, ohun tí ẹ ń rà wọ́n, ohun tí ẹ ń tà náà sì wọ́n. Méjèèjì á pa ara wọn rẹ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣebí báǹkì ní àdéhùn tí wọ́n fi ń ṣe irú ìdáàbòbò yìí? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní in. Fọ́wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é: ẹ ó jọ fẹnu kò lónìí lórí iye tí ẹ máa ra dọ́là ní oṣù mẹ́ta sí i, iye náà kò sì ní yí padà mọ́. Lórí ìwé, ó dára. Àmọ́ oníṣòwò kékeré kì í sábà rí i gbà, torí báǹkì á béèrè owó ìdógò àti ìwé tó pọ̀. Àwọn ńláńlá tó tilẹ̀ rí i gbà, ojú wọn rí nǹkan. Wọ́n ti kó náírà sílẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gba dọ́là pé, dọ́là kò sí. Gbèsè irú èyí tó wà lọ́rùn Báǹkì Àpapọ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 7 dọ́là kí ó tó kéde ní oṣù Kẹta 2024 pé òun ti san gbogbo èyí tó tọ́. Fún ẹni tó ń ra ọjà lórí ìgbà, oṣù mẹ́fà tó fi dúró de dọ́là rẹ̀ ti pa okòwò náà lára. Ààbò àdánidá kò ní irú ìyọnu yẹn, torí kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣèlérí dọ́là fún ẹ. Oníbàárà yín ló ń san án.

Ó yá, ká kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń fi òrí ṣe ìpara. Ó gbà kí n sọ̀rọ̀ okòwò òun, ṣùgbọ́n ó ní kí n yí iye owó padà díẹ̀, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìṣirò náà lè rọrùn. Òrí rẹ̀ ń ti Ṣakí wá. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gba náírà. Ṣùgbọ́n àwọn ike tó ń rọ ìpara sí, àwọn ọmọrí rẹ̀ àti òórùn dídùn tó ń fi sí i, Ṣáínà ni gbogbo wọn ti ń wá. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ń ná dọ́là 3,000 lórí ìwọ̀nyí.

Kí náírà tó já, tí dọ́là wà ní 460, dọ́là 3,000 yẹn jẹ́ náírà 1,380,000. Owó òrí, òṣìṣẹ́ àti iná jẹ́ mílíọ̀nù 2. Ó ń ta ọjà mílíọ̀nù 4.5 láàárín oṣù mẹ́ta náà. Ó ń jèrè 1,120,000. Nígbà tí dọ́là di 1,500, ike kan náà, láti ọwọ́ ẹni kan náà, di mílíọ̀nù 4.5. Ẹ ò rí i pé gbogbo ohun tó tà pátá ló máa fi ra ike? Ó fi kún owó ìpara, ó tà á débi tó mú mílíọ̀nù 6 wọlé, síbẹ̀ ó ṣì pàdánù ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500. Kò sì lè fi kún un mọ́. Oníbàárà ní Dùgbẹ̀ kì í gba owó iṣẹ́ ní dọ́là.

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè ra ike ní ilé níbí ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbúrò, mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ike ní ilé níbí, òkè òkun ló ti ń ra èròjà tó fi ń ṣe é. Owó ẹ̀ ń tẹ̀ lé dọ́là lọ bí àjá ṣe ń tẹ̀ lé ọdẹ.” Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ohun tó wá ṣe ni pé ó rí obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìpara irun àti ara ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ń ra ike ìpara 400 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, dọ́là 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó ń rà á. Dọ́là 2,400 nìyẹn. Ó wá ku dọ́là 600 péré tí ẹ̀gbọ́n mi ní láti fi náírà wá. Láyé àtijọ́, bí dọ́là bá fi náírà 100 gòkè, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ni ìnáwó rẹ̀ fi ń pọ̀ sí i. Nísinsìnyí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 60 ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é dé òpin. Ọjà tó ń tà ní náírà ti di mílíọ̀nù 5, ìnáwó náírà ti di mílíọ̀nù 3. Bí dọ́là bá wà ní 1,500, dọ́là 600 tó kù yẹn jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900, èrè rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.1. Ká ní dọ́là fò lọ sí 2,000, èrè rẹ̀ á di ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800. Ká ní ó wálẹ̀ sí 1,100, èrè rẹ̀ á di 1,340,000. Ó ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti máa tì nínú gbogbo rẹ̀. Kò sì fọwọ́ sí ìwé ìdáàbòbò kankan ní báǹkì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe tó máa ń ba èyí jẹ́. Bí dọ́là bá ti wọlé báyìí, wọ́n á tà á, wọ́n á kó náírà sápò, nígbà tí ìgbà ríra ike bá tó, wọ́n á tún lọ wá dọ́là. Iye tí báǹkì fi ń rà á lọ́wọ́ ẹ kọ́ ló máa fi tà á fún ẹ. Ká sọ pé wọ́n rà á ní 1,480, wọ́n sì tà á padà ní 1,520. Lórí dọ́là 2,400, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 96 ti sọ nù, kò sí ìpara kan ṣoṣo tí wọ́n fi í ṣe. Èyí tó burú jù ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ tí owó náà fi wà ní náírà, ààbò yẹn ti kúrò pátápátá. Dọ́là gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì dọ́là títí tó fi máa jáde lọ san ike. Ọjà tó ń lọ sí òkè òkun lọ́nà tó tọ́ náà ní ìwé tirẹ̀ ní báǹkì, Form NXP lorúkọ ẹ̀, òfin sì ni pé kí owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì wọlé padà láàárín ọjọ́ 180. Ẹ kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ báǹkì yín sọ̀rọ̀ lórí irú àkáǹtì tí owó náà máa wọ̀ àti ohun tí ẹ lè fi san kí ẹ tó fi ọjà ránṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni àkókò. Lórí ìwé, dọ́là 2,400 wọlé, dọ́là 3,000 jáde. Ṣùgbọ́n oníke Ṣáínà ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń gba ìdá 70 tó kù kó tó gbé ẹrù sọ́kọ̀. Onísọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ fẹ́ san lẹ́yìn ọjọ́ 60 tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì: nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ní oṣù mẹ́rin yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti fi náírà ra dọ́là, bí dọ́là sì ṣe rí lọ́jọ́ tó rà á ló máa jẹ. Ní oṣù Kejì 2024 dọ́là ti kọjá 1,500, ní àárín oṣù Kẹrin ọdún kan náà ó ti padà sí nǹkan bíi 1,150. Ẹni tó ra dọ́là ní oṣù Kejì láti san ike, tí dọ́là tirẹ̀ wá wọlé ní oṣù Kẹrin, ó rà á wọ́n, ó sì rí tirẹ̀ gbà ní ẹ̀dínwó. Iye bára mu, owó ilẹ̀ bára mu, síbẹ̀ ó pàdánù.

Ọ̀nà tó gbà kojú ẹ̀ kò ní idán kankan nínú. Ó sọ fún oníbàárà Amẹ́ríkà pé kó san ìdajì sílẹ̀ nígbà tó bá ń bẹ ọjà, ó sì fi sẹ́ǹtì 30 yọ lórí ike kọ̀ọ̀kan fún un. Dọ́là 120 nìyẹn jẹ́ lórí ike 400. Mo ka ìyẹn sí owó ààbò tó ń san, ó sì dín sí ohun tó lè pàdánù nínú oṣù mẹ́rin. Ó tún gbà pẹ̀lú oníke pé láti ìgbà kẹrin tí òun bá rajà lọ́wọ́ ẹ̀, kó jẹ́ kí òun san ìdá 70 nígbà tí ẹrù bá dé Àpápá. Ìyẹn ṣì ń gbèrò.

Ká sọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ fúnra ẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ra ìpara náà, ó fẹ́ san pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ wa á rò pé owó òyìnbó ni owó òyìnbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, pọ́n-ùn kan tó nǹkan bíi dọ́là 1.35. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, lẹ́yìn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ìdínkù owó orí tí kò tẹ́ ọjà lọ́rùn, ó já débi dọ́là 1.03 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Pọ́n-ùn 2,000 tó yẹ kó ra ike dọ́là 2,700 kò wá lè ra ju bíi 2,070 lọ. Pọ́n-ùn dáàbò bò yín lọ́wọ́ náírà tó ń já, kò dáàbò bò yín lọ́wọ́ dọ́là. Ẹ̀gbọ́n mi kọ iye ìpara náà ní dọ́là fún ará Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn sì gbà.

Ó yá, ká padà sórí ọ̀rọ̀ àjá àti ọdẹ. Dọ́là míì wà tó wọ aṣọ náírà. Owó òpó tí MTN ń san yẹn, náírà ni wọ́n fi ń san án, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò apá kan rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024 ni wọ́n tó tún àdéhùn náà ṣe láti dín apá dọ́là yẹn kù. Ní ti àwọn okòwò kékeré, kò sí ìwé tó máa sọ ọ́ fún yín. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe ni pé kí wọ́n wá rìsíìtì ọdún 2022 àti ti 2024 fún ohun kan náà, kí wọ́n fi wéra. Dọ́là fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ gòkè láàárín ìgbà yẹn. Ohun tí owó rẹ̀ súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta, bíi ìyẹ̀fun, ike àti báńdì ìtẹ̀wé, dọ́là ni, ẹ jẹ́ kó wọ inú ìṣirò yín. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbéra, bíi owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi (ó dùn mí láti sọ ọ́), náírà ni.

Ètò tiwa yìí náà ní tirẹ̀. Ilé tí a ń gbé ohùn wa sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gba dọ́là lóṣooṣù, ohun tí mo fi ń gé fídíò náà ń gba dọ́là. YouTube náà ń san dọ́là fún wa. Ẹ ó ní a ti bọ́. Àmọ́ AdSense kì í sanwó àyàfi tí ohun tó kó jọ bá tó dọ́là 100, bẹ́ẹ̀ oṣù méjì mẹ́ta lè kọjá kó tó pé, àwọn tó ń gba tiwọn lóṣooṣù kò sì ní dúró dè é. Nítorí náà a máa ń fi owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ nínú àkáǹtì dọ́là kí a tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Mo tiẹ̀ rántí ìgbà tí àwọn báǹkì kan dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù lọ́dún 2022. Ẹni tí dọ́là ń wọlé fún kò mọ̀ ọ́n lára.

Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ni pé, tí dọ́là bá ń dáàbò boni, kí ló dé tí èèyàn ò kúkú ní kí gbogbo oníbàárà máa san dọ́là? Nítorí pé ààbò yìí dúró níbi tí ìnáwó dọ́là yín bá dúró sí. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ń gba dọ́là 8,000, tó ṣì ń ná 3,000, dọ́là 5,000 ló máa ta láti san òṣìṣẹ́ àti olórí. Bí náírà bá wá lágbára, bó ṣe ṣe ní oṣù Kẹrin 2024 yẹn, òun ló máa máa sunkún. Ìyẹn ti kúrò ní ààbò, tẹ́tẹ́ ni. Ó sì tún wà lọ́wọ́ oníbàárà. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé owó ibodè ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2025, obìnrin onísọ́ọ̀bù yẹn dín ohun tó ń rà láti 400 sí 320. Ní oṣù mẹ́ta yẹn, dọ́là tó wọlé kò tó nǹkan tó yẹ, àlàfo náà sì fẹ̀ sí i. Ṣíṣe kí owó bára mu kò lè sọ fún oníbàárà pé kó má lọ.

Ní ti dọ́là 600 tó ń kù, ẹ̀gbọ́n mi kò dúró de ọjọ́ tí oníke máa béèrè. Ó ń ra dọ́là 200 ní oṣù kọ̀ọ̀kan láti inú owó tó pa ní Dùgbẹ̀, ó ń jù ú sínú àkáǹtì kan náà, bí dọ́là wọ́n o, bó rọjú o. Ará Lọ́ńdọ̀nù ti bẹ ìpara 80, ó ti san ìdajì.